Ẹ yẹ iye owó inú fọ́tò wò kí ẹ tó lò ó

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí ẹ ń gba iṣẹ́ ṣe fún iléeṣẹ́, tí oníbàárà bá fi fọ́tò ìwé ẹ̀rí owó orí tó yọ lára owó yín ránṣẹ́ lórí Wásáàpù, Google Lens lè bá yín ṣe ẹ̀dà ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Àmọ́ ẹ ní kó fi í ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, torí Wásáàpù máa ń fún fọ́tò pọ̀, 8 á wá jọ 3.

Ìṣirò ló ń tú àṣìṣe fó. Ká ní iṣẹ́ ₦480,000 ni, tí wọ́n yọ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. ₦24,000 nìyẹn, ₦456,000 ló sì yẹ kó wọ báǹkì. Bí fóònù bá ka iye iṣẹ́ sí ₦430,000, ìdá 5 rẹ̀ jẹ́ ₦21,500, kò bá ₦24,000 inú ìwé mu. Ẹ padà sí fọ́tò.

Nọ́ńbà TIN, ìyẹn nọ́ńbà tí ìjọba fi ń dá yín mọ̀ fún owó orí, ò ní irú ìṣirò yìí tó lè tú àṣìṣe rẹ̀ fó. Ojú ni ẹ ó fi kà á, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bó bá yàtọ̀ sí tiyín, kí oníbàárà tún ìwé náà ṣe, ẹ má fi bírò tún un o!

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣì ṣe rèé: bí ẹ bá ń kọ ìwé owó orí ọdún yín, ₦480,000 ni ẹ ó kọ sí owó tó wọlé, kì í ṣe ₦456,000. Bí owó orí ọdún náà bá wá jẹ́ ₦60,000, ẹ yọ ₦24,000 kúrò níbẹ̀, ẹ san ₦36,000.