Láptọ́ọ̀pù tó ń dákú lẹ́yìn páskọ́ọ̀dù: bí a ṣe ń mú fáírọ́ọ̀sì kí Windows tó jí

Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá bá mi ní Under G, l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí. Ó ń tàn o, ṣùgbọ́n tí mo bá ti tẹ páskọ́ọ̀dù tán, ojú kan náà ló máa kú sí." Òótọ́ ni. Ìlà ìsàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ náà ṣófo, àmì eku ń yí bírí láìdúró, iná kékeré tó máa ń ṣẹ́jú nígbà tí dísíìkì bá ń ṣiṣẹ́ kò sì ṣẹ́jú mọ́, ṣe ló kàn tàn gbọin.

Ẹ má tíì sáré fọ Windows dànù. Iṣẹ́ àṣekágbá ọmọ ọlọ́mọ wà nínú ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá fáírọ́ọ̀sì ni àbí dísíìkì ló ń kú lọ. Níbi tí ẹ ti ń tẹ páskọ́ọ̀dù, ẹ di `Shift` mú, kí ẹ yan Restart níbi àmì iná. Tí kò bá tilẹ̀ dé ibẹ̀, ẹ fi bọ́tìnnì pa á nígbà tó bá ń tàn bọ̀. Tí ẹ bá ṣe é bí ẹ̀ẹ̀mẹta, yóò ṣí ojú àtúnṣe fúnra rẹ̀. Ẹ gba Troubleshoot, Advanced options, Startup Settings, kí ẹ tẹ Restart, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ 4. Safe Mode nìyẹn: ohun tí Windows ò lè ṣe láìní nìkan ló ń gbé dìde. Dísíìkì tó bàjẹ́ yóò máa wọ́ níbẹ̀ náà, nígbà mìíràn yóò tún máa dún kẹ̀kẹ̀. Ti ọmọ yìí ṣí wẹ́rẹ́, nítorí náà ohun kan tó ń bá Windows dìde ni ọ̀daràn wa.

Kí ẹ tó ṣe nǹkan mìíràn, ẹ wo fáìlì yín. Tí ìparí orúkọ wọn bá ti yí padà, tí ìwé kékeré kan sì wà nínú fódà kọ̀ọ̀kan tó ń béèrè owó, ajínigbé ló wọlé. Ẹ já íńtánẹ́ẹ̀tì kúrò, ẹ má sì pa fáìlì tó tì náà rẹ́. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí máa lé ajínigbé náà jáde, ṣùgbọ́n kò lè ṣí àgádágodo tó fi sílẹ̀. Ẹ wo nomoreransom.org bóyá kọ́kọ́rọ́ irú rẹ̀ ti wà. Ọ̀pọ̀ ni kò ní. Ti ọmọ yìí kò rí bẹ́ẹ̀.

Nínú Safe Mode náà, mo tẹ `Ctrl+Shift+Esc` láti ṣí Task Manager, mo lọ sí Startup. Mo rí `Microsoft ® Windows Based Script Host`. Orúkọ yẹn lè tan èèyàn, torí ti Microsoft ni lóòótọ́. Mo tẹ eku ọ̀tún sí orí àkọlé, mo yan Command line, ni àṣírí bá tú: fáìlì `.vbs` kan tó sá pamọ́ sínú AppData ló ń gbé dìde. Mo yan Disable, mo tún ẹ̀rọ tàn, ó sì wọlé.

Ẹ má rò pé ó ti tán. Fáírọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ mọ bó ṣe ń ṣọ́ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kí Windows tó jí, fáìlì lásán ni. Ẹ ṣí Windows Security, kí ẹ wọ Virus & threat protection. Ẹ fi íńtánẹ́ẹ̀tì mú Protection updates wá sí tuntun, kí ẹ lọ sí Scan options, kí ẹ yan èyí tó ní offline scan nínú. Ẹ ti fi ẹ̀rọ sí ṣájà o, kí bátìrì má baà kú lágbede méjì. Yóò pa ara rẹ̀, yóò tàn, yóò yẹ ara rẹ̀ wò fún bí ìṣẹ́jú 15.

Tó bá tàn tó kàn padà sí ojú iṣẹ́ láìyẹ nǹkan kan wò, àyè àtúnṣe Windows ni wọ́n ti pa. Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, kí ẹ tẹ:

```
reagentc /info
reagentc /enable
```

Lẹ́yìn náà ẹ tún un ṣe. Ohun tó bá rí wà nínú Protection history. Ti ọmọ yìí ni `Worm:VBS/Jenxcus`, èyí tó máa ń bá fíláàṣì kiri.

Ni mo bá ní kó mú fíláàṣì tó fi ń tẹ̀wé káàkiri wá. Gbogbo fódà rẹ̀ ló ti di àmì ọ̀nà àbùjá. Ẹ má tẹ ìkankan nínú wọn o! Ibẹ̀ ni yóò ti padà wọlé. Ẹ yẹ fíláàṣì náà wò nínú Windows Security, kí ẹ sì tẹ èyí sínú Command Prompt láti yọ ojúlówó fáìlì jáde. Ẹ fi lẹ́tà fíláàṣì tiyín rọ́pò `E`:

```
attrib -h -r -s /s /d E:\*.*
```

Àwọn fódà rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ àṣekágbá náà wà láàrin wọn. A pa àwọn àmì ọ̀nà àbùjá rẹ́, a sì tún láptọ́ọ̀pù náà tàn lẹ́ẹ̀mejì níṣojú rẹ̀ kó tó san owó.