FMEA fún láìnì tuntun: àwọn ìbéèrè lórí S, O àti D tí kì í tán

Ẹ káàárọ̀ Injinía, a ti kọ FMEA wa, ìwé tá a fi ń to gbogbo àṣìṣe tó lè ṣẹlẹ̀, ìlà kan fún àṣìṣe kan. RPN, ìyẹn S × O × D, gbogbo ìlà wa ò kọjá 60, ṣé ká tan láìnì?

Látorí 1 dé 10, S ni bí àṣìṣe náà ṣe le tó, O ni bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ léraléra tó, D ni bó ṣe ṣòro tó láti rí i kí ọjà tó jáde. Ẹ kọ́kọ́ wo D yín ná. 10 ni ibi tẹ́ ò ti lè rí àṣìṣe náà rárá, 1 ni ibi tí ò ti lè yọ́ kọjá. Àwọn tó ń kọ ọ́ sódì ti pọ̀ jù, ibi tẹ́nikẹ́ni ò ti yẹ nǹkan wò gan-an ni wọ́n á fi 1 sí.

Ẹ̀gbọ́n, láìnì wa ò tíì ṣiṣẹ́ rí, nǹkan kan ò tíì bàjẹ́, la bá fi O sí 1.

Ẹ yọ 1 yẹn kúrò. Ẹ wá láìnì míì tó ń lo irú ẹ̀rọ kan náà kẹ́ ẹ mú nọ́ńbà tibẹ̀, tí ò bá sí, ẹ fi í sí 7 tàbí 8, kí àkọsílẹ̀ tiyín ló máa gbé e wálẹ̀ tó bá yá.

A ti fi ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò síbẹ̀, ṣé S á kúrò ní 9?

Rárá o. S ń sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ra ọjà bí àṣìṣe náà bá dé ọwọ́ ẹ̀. Àfi tẹ́ ẹ bá yí bí wọ́n ṣe ṣe ọjà yẹn gan-an padà.

Bọ̀ọ̀dá, ínfẹ́tà là ń tò. Tẹ́ẹ̀sì wà níparí láìnì, D wa 3, síbẹ̀ ẹnu bátìrì ń jó lọ́wọ́ àwọn kọ́sítọ́mà.

Mo ti bá irú èyí fà á gan-an nílé iṣẹ́ kan lọ́nà Ọbá-Ilé níbí l'Ákùúrẹ́. Bóòtù tó di wáyà bátìrì mú ni kì í fún dáadáa. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyí: S 9, torí ibi tó bá ti tú á gbóná, iná lè sọ, O 4, D 3, ó jẹ́ 108. Wọ́n ní tẹ́ẹ̀sì ń mú un. Mo ní irú tẹ́ẹ̀sì wo? Wọ́n á so gílóòbù kan mọ́ ọn fúngbà díẹ̀, tó bá ti tàn, ó yege. Bẹ́ẹ̀ bóòtù tó dẹ̀ ṣì ń fara kan wáyà, gílóòbù á tàn, ibẹ̀ ò sì ní gbóná, ó dìgbà tí kọ́sítọ́mà bá so fíríìjì mọ́ ọn tí iná tó pọ̀ ń gbabẹ̀ kọjá fún wákàtí kí wàhálà tó dé. Tẹ́ẹ̀sì yẹn ń mú ínfẹ́tà tó kú, kì í mú bóòtù tó dẹ̀, àṣìṣe orí ìlà yẹn gan-an la sì ń fún ní D, kì í ṣe torí pé tẹ́ẹ̀sì kan wà níbì kan.

Súpáfáísọ̀ wọn ò gbà. Mo ní ká mú ínfẹ́tà 5, ká mọ̀ọ́mọ̀ dẹ bóòtù wọn, ká sàmì sí wọn nídìí, ká wá tì wọ́n sáàárín àwọn tó dáa. Gbogbo wọn ló yege. D di 9, ìlà yẹn di 324.

Ó wá ku ohun tó ń fà á. "Àìfarabalẹ̀ òṣìṣẹ́" ni wọ́n kọ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bí mi nínú, torí ẹni kan náà ló ń ṣe é láàárọ̀ tó ń dáa. Ẹ̀rọ tó ń lo afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ń de bóòtù, tó bá sì ti dọ̀sán tí iná lọ, tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, kọmpúrẹ́sọ̀ ò gbé e mọ́, geeji á já láti 90 PSI sí ìsàlẹ̀ 60, ẹ̀rọ á dúró kí bóòtù tó fún, òṣìṣẹ́ á rò pé ó ti parí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ ò lè jẹ́ 4, a gbé O sí 7, ó di 567.

A fi súíṣì kan sójú páìpù afẹ́fẹ́ tó ń ti ẹ̀rọ yẹn pa tí geeji bá ti wọ ìsàlẹ̀ 80, a sì jẹ́ kí ibi tí ínfẹ́tà jókòó sí dì í mú títí gbogbo bóòtù á fi fún tó bó ṣe yẹ. Nígbà tá a dẹ bóòtù padà, kò sí èyí tó jẹ́ kó lọ. Ìgbà yẹn la tó kọ O 2, D 3. S ṣì wà ní 9, gbogbo ẹ̀ 54.

Ṣé ìlà tó bá kọjá 100 nìkan la máa tún ṣe?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí iná ti lè sọ, 9 × 2 × 5, jẹ́ 90. Ara páálí tó ha, 4 × 6 × 5, jẹ́ 120. Ẹ ó tún páálí ṣe, ẹ ó fi iná sílẹ̀. Ìwé ìtọ́sọ́nà tí AIAG àti VDA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe mọ́tò ní Amẹ́ríkà àti Jámánì, jọ gbé jáde ní 2019 ti pa RPN tì, AP, ìyẹn ìpele bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ tètè mójú tó ìlà kọ̀ọ̀kan, ni wọ́n ń lò, S ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ wò. Ẹ mú gbogbo S 9 àti 10 ṣáájú, bó ti wù kí RPN wọn kéré tó. Èyí tẹ́ ò bá sì lè ti ọjà tó bàjẹ́ sáàárín èyí tó dáa láti fi dán D ẹ̀ wò nínú wọn, ẹ má fojú bù ú, ẹ pe injinía tó mọ̀ nípa ààbò ẹ̀rọ kẹ́ ẹ tó tan láìnì.