Owó ìdúró tí mo san torí mi ò ka gígun òkè mọ́ ìrìn

Náírà 5,000 ni dẹ́rẹ́bà gbà lọ́wọ́ mi ní owó ìdúró, ó yàtọ̀ sí owó ọkọ̀ tá a ti jọ ná láti Ìlọrin o, inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ èyí. Èmi àtàwọn àbúrò mi mẹ́ta la lọ gun òkè tó wà lẹ́yìn abúlé ìyá wa lápá Ìfẹ́lódùn. Mo wo máàpù, kìlómítà 6 ni àlọ, mo ní ṣebí èèyàn máa ń rin kìlómítà 5 ní wákàtí kan, àlọ àtàbọ̀ ò lè ju wákàtí 2 àbọ̀ lọ, mo bá ní kí ọ̀gbẹ́ni náà wá gbé wa láago 10 àárọ̀. Aago 7 la gbéra. Aago 11 kọjá ìṣẹ́jú 25 la tó padà dé ìdí mọ́tò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, aago 10 lẹ dá fún mi o, torí yín ni mo ṣe fi èrò Òmù-Àrán sílẹ̀." Òótọ́ ló sọ, mo sanwó.

Ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ mi tó ti ń gun òkè tipẹ́ ló là mí lóye. Ó ní ọkùnrin kan ní Sikọ́tílándì tó ń jẹ́ William Naismith ti gbé òfin kan kalẹ̀ láti 1892: ka ìrìn bí ẹni pé ilẹ̀ tẹ́jú, kó o wá fi wákàtí kan kún un fún gbogbo 2,000 ẹsẹ̀ bàtà tó o bá gùn. Tá a bá fi mítà kà á, bíi 600 mítà sí wákàtí kan nìyẹn, ìyẹn ìṣẹ́jú 1 fún mítà 10. Ó ní torí àwọn ọmọdé tó wà pẹ̀lú mi kí n fi ìrìn sí kìlómítà 4 ní wákàtí kan, àti pé ìsinmi ò sí nínú òfin yẹn, ọ̀tọ̀ lèèyàn máa kà á.

Mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Ìgbà tí mo fẹ́ mọ iye mítà tá a gùn gan-an ni wàhálà bẹ̀rẹ̀, odindi ọjọ́ méjì ló gbà mí. Mo kọ́kọ́ mú gíga orí òkè, mo yọ gíga ìdí mọ́tò kúrò nínú ẹ̀, ó ku 180. Ìṣẹ́jú 18 péré. Ẹsẹ̀ mi tó rin ọ̀nà yẹn mọ̀ pé irọ́ ni. Mo wá wo ápù tó ń tọ ìrìn wa lórí fóònù mi, ó ní 540! Èwo ni kí n gbà? Mo gbé fóònù yẹn sójú fèrèsé nílé, mo tan ápù náà, mo fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30. Nígbà tí mo padà dé, ó ní mo ti gun mítà 38, fóònù tí ò kúrò lójú kan! Ìgbà yẹn ló yé mi: gíga tó ń gbà látọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì kì í dúró sójú kan, ó ń lọ sókè ó ń bọ̀ nílẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá ti lọ sókè ni ápù ń rò ó pọ̀ mọ́ tòótọ́.

Máàpù tí wọ́n fa ìlà gíga sí ló gbà mí sílẹ̀. Láti ìlà kan sí èkejì jẹ́ mítà 10 ní gíga. Mo fi bírò tẹ̀ lé ọ̀nà náà, mo ń ka ìlà tá a kọjá lọ sókè nìkan. Ọ̀nà yẹn gun òkè kékeré kan ní 110, ó já sí àfonífojì ní 70, ó tún gun 80, ó tún sọ̀kalẹ̀ 50, kó tó wá gun 110 dé orí àpáta. Àpapọ̀ òkè tá a gùn jẹ́ 300, kì í ṣe 180, torí àwọn 70 àti 50 tá a sọ̀ kalẹ̀ la tún san padà! Inú mi dùn gan-an nígbà tó jáde, mo pe ìyàwó mi wá wò ó.

Àlọ wá di ìṣẹ́jú 90 fún ìrìn, 30 fún gígun òkè, wákàtí 2 gééré. Ẹ má sì rò pé àbọ̀ ò ní òkè gígun o, àfonífojì méjèèjì yẹn lèèyàn máa jáde nínú wọn, mítà 120, ó di ìṣẹ́jú 102. Mo fi ìṣẹ́jú 40 sílẹ̀ fún ìsinmi. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 22. Ká ní ibi tó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gan-an lórí àpáta yẹn gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, ǹ bá fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún ti sísọ̀kalẹ̀ náà, torí èèyàn máa ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ níbẹ̀ ni. Koríko tó ti kún ojú ọ̀nà sì rèé, òfin yìí ò mọ̀ ọ́n, ẹ̀ẹ̀rùn ni kẹ́ ẹ lọ.

A padà lọ lóṣù tó tẹ̀ lé e. Aago 7 la tún gbéra, mo ní kí dẹ́rẹ́bà kan náà wá láago 11 àbọ̀. Aago 9 kọjá ìṣẹ́jú 3 la gun orí àpáta. Aago 11 kọjá ìṣẹ́jú 18 la dé ìdí mọ́tò, òun gan-an ò tíì dé. Nígbà tó dé, ó wo aago rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mà tètè dé o," kò sì gba kọ́bọ̀ kún owó ọkọ̀.