Eyín Tí Kò Mì Náà Lè Jẹ́ Èyí Tí Wọ́n Á Yọ: Bí Dókítà Ṣe Ń Mọ Ìpele Àrùn Eyín Ajá

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sin ajá l'Ékòó kì í gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko nítorí eyín, àfi tí ẹnu rẹ̀ bá ti ń rùn débi pé wọn ò lè gbà á sórí àga mọ́. Wọ́n á la ẹnu rẹ̀, wọ́n á fìka mi eyín wẹ́wẹ́ iwájú, èyí tó bá mì ni wọ́n á ní kí dókítà yọ. Eyín wẹ́wẹ́ yẹn lè tó yọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló sábà ń dá wàhálà ńlá sílẹ̀.

Eyín tí ìwé yìí dá lé lórí ni eyín ńlá ìsàlẹ̀, èyí tó tóbi jù ní àgbọ̀n ìsàlẹ̀, tí ajá fi ń gé ẹran ní kọ̀rọ̀ ẹnu. Gbòǹgbò méjì ló ní. Bí egungun bá ti jẹ tán lẹ́yìn gbòǹgbò kan, gbòǹgbò kejì á ṣì di eyín náà mú gbọin-gbọin, ẹni tó fọwọ́ mì í á sì rò pé kò sí nǹkan kan. Lára ajá kékeré bíi Láásà, gbòǹgbò eyín yìí gùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí ìsàlẹ̀ egungun àgbọ̀n. Ibẹ̀ ni ewu rẹ̀ wà: bí àrùn bá jẹ egungun yí gbòǹgbò ká, àgbọ̀n fúnra rẹ̀ lè kán.

Kí ló dé tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ kun ajá lóorun?

Ojú ayé kọ́ ni wọ́n ti ń mọ ìpele àrùn eyín. Nígbà tí ajá bá la ojú sílẹ̀, ohun tí dókítà lè rí kò ju èérí tó ti gan mọ́ eyín, èrìgì tó pọ́n, eyín tó kán àti ibi tó wú. Ohun tó ń ba eyín jẹ́ wà lábẹ́ èrìgì, kò sì sí ajá tí yóò jókòó jẹ́ẹ́ kí wọ́n máa ti irin bọ ibẹ̀, tàbí kí wọ́n ki fíìmù ẹ́síréè sí i lẹ́nu. Àwọn kan ń fi irin ha eyín ajá lójú ayé nílé, wọ́n á ní àwọn ti fọ eyín. Eyín á funfun, inú oníǹkan á dùn, èérí abẹ́ èrìgì á sì wà níbi tó wà. Lójú tiwa, owó yẹn ṣòfò, nítorí ojú funfun yẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n gbàgbé eyín náà fún ọdún méjì sí i.

Kí ẹ tó gbé ajá sílẹ̀, ẹ bèèrè nǹkan mẹ́ta: ṣé wọ́n á ki rọ́bà èémí sí i lọ́fun, kí omi ìfọyín má bàa wọ ẹ̀dọ̀fóró, ṣé wọ́n ní ẹ́síréè eyín, ìyẹn kékeré tí fíìmù rẹ̀ ń wọ ẹnu, àti pé bí NEPA bá mú iná lọ láàárín iṣẹ́, ṣé jẹnẹrétọ̀ á gbé e lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí oúnjẹ alẹ́ jẹ́ èyí tó kẹ́yìn, kí ajá má jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Bí wọ́n ṣe ń wọn ọ́n

Eyín 42 ni ajá àgbà ní. Eyín kọ̀ọ̀kan ló ní ìpele tirẹ̀, torí náà tí wọ́n bá sọ fún yín pé "ajá yín wà ní ìpele kẹta", ẹ bi wọ́n pé eyín wo.

Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n fín mìlímítà sí lára ni dókítà máa ń rọra tì sí àárín eyín àti èrìgì, á sì fi yí eyín ká. Lára ajá tí ara rẹ̀ dá, ọ̀pá náà kì í sábà wọlé ju mìlímítà 3 lọ. Bó bá wọlé jù bẹ́ẹ̀, àpò ti ṣí síbẹ̀, èérí àti ọyún sì ń gbé inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àpò nìkan lè tan ni jẹ. Èrìgì tó wú sókè á mú kí àpò dà bíi pé ó jìn, nígbà tí egungun wà ní ìdúró. Èrìgì tó ti sá lọ sílẹ̀ á mú kí àpò dà bí èyí tó dára: ọ̀pá wọlé mìlímítà 3 péré, àmọ́ gbòǹgbò ti hàn síta ní mìlímítà 4. Mìlímítà 7 ni eyín yẹn ti pàdánù. Dókítà tó mọṣẹ́ máa ń kọ méjèèjì sílẹ̀, á sì rò wọ́n pọ̀.

Ìpele mẹ́rin ló wà. Ní ìpele kìíní, èrìgì pọ́n, ó sì ń ṣẹ̀jẹ̀ bí nǹkan bá kàn án, ṣùgbọ́n egungun kò tíì jẹ. Èyí nìkan ló ṣeé wò padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ní ìpele kejì, ohun tó di gbòǹgbò mú ti dín, ṣùgbọ́n kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìpele kẹta bẹ̀rẹ̀ láti ìdá kan nínú mẹ́rin títí dé ìdajì. Bó bá ti ju ìdajì lọ, ìpele kẹrin nìyẹn. Fún eyín tó ní ju gbòǹgbò kan lọ, wọ́n tún máa ń wo ìtà, ìyẹn ibi tí gbòǹgbò ti pín. Bí ọ̀pá bá gba abẹ́ eyín wọlé níhà ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó sì yọ níhà ahọ́n, ìpele kẹrin ni, ìbáà má mì rárá.

Ohun tí ẹ́síréè ń fi hàn

Lórí fíìmù, eyín àti egungun á funfun, ibi tí egungun bá ti jẹ á dúdú. Dókítà á wo etí egungun lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò kọ̀ọ̀kan. Ní ibi tó dá, etí yìí á sún mọ́ ọrùn eyín. Bí àrùn bá ti bẹ̀rẹ̀, ó lè lọ sílẹ̀ lọ́gbọọgba lábẹ́ eyín mélòó kan, tàbí kó jìn lójú kan ṣoṣo bí kòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò kan. Kòtò yẹn ló burú fún eyín ńlá ìsàlẹ̀, torí ìsàlẹ̀ àgbọ̀n ló kọjú sí.

Fíìmù náà ní àbùkù tirẹ̀. Egungun ní láti jẹ púpọ̀ kí dúdú rẹ̀ tó hàn, nítorí náà fíìmù tó dà bíi pé kò sí nǹkan kò lè pa ẹnu ọ̀pá mọ́. Nǹkan kejì ni pé kì í ṣe gbogbo dúdú ni àrùn. Nínú àgbọ̀n ìsàlẹ̀, lábẹ́ àwọn eyín tó wà lẹ́yìn eyín gígùn iwájú, ihò kan wà tí iṣan ń gbà jáde láti lọ sí ètè. Bí ihò yìí bá bọ́ sí ṣóńṣó gbòǹgbò lórí fíìmù, yóò jọ ọyún tó ń gbá jọ síbẹ̀. Dókítà á yí ẹ̀rọ díẹ̀, á tún ya òmíràn. Bí dúdú náà bá kúrò ní ṣóńṣó gbòǹgbò, ihò iṣan ni. Bó bá tẹ̀ lé gbòǹgbò, àrùn ni. Eyín tí kò ní nǹkan kan ni wọ́n ti yọ rí nítorí ẹni tí kò ya ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ajá kan láti òkè dé ilẹ̀

Ẹ jẹ́ ká fi Láásà ọmọ ọdún 9, kílò 6, ní Sùúrùlérè ṣe àpẹẹrẹ. Ẹjọ́ tí oníǹkan rò ni pé eyín iwájú méjì ń mì. Wọ́n kun ajá lóorun, wọ́n wọn ọ́n, wọ́n ya fíìmù. Àwọn méjì tó ń mì wà ní ìpele kẹrin, wọn ò pẹ́ yọ.

Eyín ńlá ìsàlẹ̀ lápá òsì kò mì. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn gbòǹgbò ẹ̀yìn, ọ̀pá wọlé mìlímítà 8. Lórí fíìmù, gbòǹgbò náà gùn ní mìlímítà 12 láti ọrùn eyín dé ṣóńṣó, egungun sì ti jẹ lára mìlímítà 7. Ó ti ju ìdajì lọ: ìpele kẹrin. Gbòǹgbò iwájú dára, ṣùgbọ́n èyí tó burú jù ni wọ́n fi ń ka ìpele eyín. Egungun tó ṣẹ́kù lábẹ́ gbòǹgbò ẹ̀yìn kò ju mìlímítà 2 lọ. Wọ́n pinnu láti yọ ọ́.

Lápá ọ̀tún, eyín kan náà pàdánù mìlímítà 4 nínú 12, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́ta: ìpele kẹta. Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan oníǹkan. Eyín ìpele kẹta ṣeé gbà là bí dókítà bá ṣí èrìgì, tó fọ gbòǹgbò dáadáa, tí wọ́n sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ eyín ajá lójoojúmọ́ nílé. Bí ajá bá ń gé ẹni tó fọwọ́ kàn án lẹ́nu, tàbí tí oníǹkan ń jáde kúrò nílé láàárọ̀ kùtùkùtù nítorí gòsílóò tó sì ń wọlé lóru, kó sọ òótọ́. Eyín tí wọ́n fi sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fọ̀ á di ìpele kẹrin, nígbà tí ajá ti dàgbà sí i, tí oorun abẹ á sì tún léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tiwa lè fọ ọ́, nítorí náà wọ́n fi í sílẹ̀.

Yíyọ apá òsì kò gba agbára. Abẹ́rẹ́ tó ń mú ojú kan kú ló ṣáájú. Wọ́n ṣí èrìgì, wọ́n fi dírìlì gé díẹ̀ nínú egungun ìhà ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n sì la eyín sí méjì ní ìtà, kí gbòǹgbò kọ̀ọ̀kan lè jáde ní ọ̀nà tirẹ̀. Irin ìgbéyín ni wọ́n á tì sí ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò, wọ́n á yí i díẹ̀, wọ́n á sì dì í mú bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 30 kí okùn tó so ó mọ́ egungun tó já fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá kánjú fipá yí irin níbi egungun mìlímítà 2 yẹn, àgbọ̀n ló máa ṣẹ́. Kí wọ́n tó rán ojú ibẹ̀, wọ́n á tún ya fíìmù, torí gbòǹgbò tó kán sínú kì í hàn lójú, ọyún á sì máa jáde níbẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan.

Nílé, oúnjẹ rírọ̀ fún ọjọ́ 14, kò sí eegun màlúù, kò sí igi jíjẹ. Oògùn ìrora tí dókítà kọ nìkan ni kí ẹ lò. Ibuprófẹ́ẹ̀nì àti daíkílofẹ́náàkì tí ẹ̀yin ń lò lè dá ihò sí inú ajá, ó sì lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Bí ẹnu bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí àgbọ̀n kò pàdé dáadáa, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ kò dá, ẹ gbé e padà lọ́jọ́ náà gan-an. Lẹ́yìn ọjọ́ 14, wọ́n á wo ojú rírán. Lẹ́yìn oṣù 6, wọ́n á tún kun ún lóorun láti wọn apá ọ̀tún, kí wọ́n sì ya fíìmù rẹ̀. Bí mìlímítà 4 náà bá ti di 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀, wọ́n á yọ ọ́ lórí ìjókòó yẹn.