Wáyà HDMI Tí Ń Mú Àwòrán Ṣẹ́jú: Bí A Ṣe Ń Dán An Wò Kí A Tó Tú Tẹlifíṣọ̀n

Ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti àwọn ìdílé ní Abẹ́òkúta

A kọ ìwé yìí nítorí owó tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kan ní agbègbè Ọbáńtokò pàdánù. Wọ́n ra tẹlifíṣọ̀n ńlá kan sí gbọ̀ngán ìpàdé wọn láti máa fi wo fídíò ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn, wọ́n sì fa wáyà HDMI oní mítà 12 gba inú àjà, láti orí tábìlì akọ̀wé níbi tí kọ̀ǹpútà wà títí dé ara ògiri iwájú. Kò pẹ́ tí àwòrán fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Àwọn àmì funfun wínníwínní ń tàn yanran níbi tí àwòrán bá ti dúdú, ojú tẹlifíṣọ̀n á ṣókùnkùn fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì, á tún padà, nígbà mìíràn "No Signal" nìkan ni yóò hàn. Wọ́n pe oníṣẹ́, oníṣẹ́ ní bọ́ọ̀dù tẹlifíṣọ̀n ni ó bàjẹ́, wọ́n sì sanwó bọ́ọ̀dù tuntun. Ohun tí ń ṣe tẹlifíṣọ̀n náà kò yí padà rárá, nítorí pé wáyà ni kò dára láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò fura sí wáyà náà, nítorí pé nígbà tí wọ́n fi so dìkódà mọ́ tẹlifíṣọ̀n, àwòrán mọ́ kedere. Àṣìṣe tí à ń rí léraléra nìyí, yálà ní ilé ni tàbí ní gbọ̀ngán: wọ́n á fi àwòrán kékeré dán wáyà wò, wọ́n á ní wáyà dára, wọ́n á wá gbé àwòrán ńlá lé e lórí. Afárá onígi tó gba ẹni tó ru agbọ̀n ẹ̀gẹ́ kọjá kò tíì jẹ́rìí pé yóò gba ọkọ̀ akẹ́rù.

Ẹ wo bí ẹrù náà ṣe rí. Àwòrán 1920 x 1080 tí ń yí padà ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ń kó nǹkan bíi gígábíìtì 4.5 gba inú wáyà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Àwòrán 3840 x 2160, èyí tí wọ́n ń kọ 4K sí ara páálí rẹ̀, ń kó nǹkan bíi gígábíìtì 9 bí ó bá ń yí padà ní ìgbà 30, ó sì ń kó nǹkan bíi 18 bí ó bá jẹ́ ìgbà 60. Ìlọ́po mẹ́rin ni èyí tó kẹ́yìn yìí jẹ́ sí ti àkọ́kọ́, wáyà kan náà ni a sì fẹ́ kí ó gbé e. Bí wáyà bá ṣe gùn tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára àmì tó gbé ṣe ń dín kù kí ó tó dé òdìkejì.

Ohun tí ojú tẹlifíṣọ̀n ń sọ

Àmì funfun wínníwínní túmọ̀ sí pé wáyà ń gbé ẹrù náà, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú rẹ̀ ń já sílẹ̀ lọ́nà. Bí ohun tó ń já sílẹ̀ bá pọ̀ sí i, ọwọ́ tẹlifíṣọ̀n á bọ́ lára àwòrán náà, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì, òun àti kọ̀ǹpútà á sì tún ara wọn mú. Bí kò bá wá rí ohun kankan dì mú mọ́, "No Signal" ni yóò kọ. Ìpele mẹ́ta nínú àìsàn kan ṣoṣo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́, ẹni tó bá sì rí èkínní kò gbọdọ̀ dúró de ẹ̀kẹta. Àmọ́ bí àwòrán bá ṣú bàìbàì, tàbí tí etí lẹ́tà kò gún, ẹ má di ẹ̀bi ru wáyà. Ètò àwòrán inú tẹlifíṣọ̀n ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Ètò kan tó gbọ́dọ̀ ṣáájú

Kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà, ẹ wọ inú ètò tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ wá èyí tó jẹ mọ́ ihò HDMI tí ẹ ń lò. Lára Samsung, "Input Signal Plus" ni wọ́n ń pè é. Lára LG, ẹ ó rí "Deep Colour" nínú orúkọ rẹ̀. Lára Sony, "Enhanced format" ni. Bí ètò yìí kò bá sí ní títàn, tẹlifíṣọ̀n lè má gbà kí kọ̀ǹpútà fi gbogbo ẹrù 4K ti ìgbà 60 ránṣẹ́, ẹ ó sì máa rò pé ẹ ti dán wáyà wò nígbà tó jẹ́ pé ìdajì ẹrù ni ẹ gbé lé e. Ihò tí ẹ bá tan ètò yìí fún ni kí ẹ lò títí ìdánwò yóò fi parí.

Ìdánwò, ní ẹsẹẹsẹ

Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà láti ara ògiri kí ẹ tó yọ wáyà tàbí kí ẹ tó kì í bọ ihò. Wọ́n ṣe HDMI kí ènìyàn lè yọ ọ́ nígbà tí iná wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ilé tí jẹnẹrétọ̀ àti ínfátà ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, tí wáyà ilẹ̀ kò sì dájú, ihò HDMI ti jó mọ́ àwọn ènìyàn lọ́wọ́.

Ẹ tan ẹ̀rọ méjèèjì padà. Lórí kọ̀ǹpútà Windows, ẹ ṣí Settings, ẹ wọ System, ẹ wọ Display, ẹ fi àwòrán sí 3840 x 2160 níbẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ lọ sí Advanced display. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti yan 60 Hz, ìyẹn ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ gbé fídíò tó ní ibi dúdú púpọ̀ sí i, kí ẹ sì jókòó tì í fún ìṣẹ́jú 30 gbáko. Ìṣẹ́jú méjì kò tó, nítorí pé wáyà tó wà ní bèbè lè má ṣẹ́jú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ó bá ṣẹ́jú, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 30 Hz lórí wáyà kan náà àti ihò kan náà, kí ẹ tún wò ó. Bí ó bá ṣì ń ṣẹ́jú, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 1920 x 1080. Àìsàn tó ń lọ bí ẹrù bá ṣe ń fúyẹ́ ń tọ́ka sí wáyà tàbí ẹnu ihò. Èyí tó dúró gbọin ní gbogbo ìpele ń tọ́ka sí orí wáyà tó ti gé, tàbí sí ẹ̀rọ gan-an.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi wáyà kúkúrú rọ́pò rẹ̀, èyí tí kò ju mítà méjì lọ, tí ẹ sì mọ̀ pé ó ti gbé 4K ti ìgbà 60 rí. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà súnmọ́ tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ padà sí 60 Hz, kí ẹ sì wò ó fún ìṣẹ́jú 30 náà. Ihò méjèèjì tí wáyà gígùn wà tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ kì í bọ̀. Bí ẹ bá yí wáyà àti ihò padà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kò ní mọ èwo nínú méjèèjì ló ṣe iṣẹ́ náà, ìdánwò yín sì ti di asán.

Ní gbọ̀ngán Ọbáńtokò, wáyà mítà 12 náà mọ́ kedere ní 1920 x 1080. Ní 4K ti ìgbà 30, kò ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n àmì funfun kọ̀ọ̀kan ṣì ń yọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ìgbà 60, gbogbo rẹ̀ dàrú. Wáyà kúkúrú gbé ìgbà 60 láìṣẹ́jú rárá, nínú ihò kan náà, lára bọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ohun tó kù láti mọ̀ ni bóyá bí wọ́n ṣe tẹ wáyà náà ní igun àjà ló bà á jẹ́. Wọ́n fà á jáde, wọ́n tẹ́ ẹ gbọọrọ sílẹ̀, wọ́n sì tún un dán wò: ìyẹn náà kò yí nǹkan padà. Nígbà náà ni wọ́n wá ka ohun tí a tẹ̀ sí ara rọ́bà rẹ̀, "High Speed" ni ó sì wà níbẹ̀. Gígábíìtì 10.2 ni wọ́n ń fi dán irú wáyà bẹ́ẹ̀ wò, ó sì ṣòro kí bàbà lásán tó gùn tó mítà 12 tún dé iye yẹn. Gbogbo ohun tí wáyà náà ṣe bá ohun tí a kọ sí ara rẹ̀ mu, bí ẹnì kan bá ti kà á.

Bí àwòrán bá ń ṣẹ́jú nígbà tí ẹ bá fọwọ́ kan orí wáyà nìkan, ọ̀rọ̀ gígùn kọ́ nìyẹn. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì wo ẹnu rẹ̀: irin tẹ́ẹ́rẹ́ 19 ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí ìkankan má tẹ̀, kí ó má sì ní ìpata. Ẹ gbé orí náà bọ ihò mìíràn. Bí ó bá ń mì níbẹ̀ náà, orí wáyà ló bàjẹ́. Bí kò bá mì, ihò àkọ́kọ́ ló ti tú.

A ní láti sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ kékeré tí àwọn kan fi ń dán wáyà wò, èyí tí iná rẹ̀ ń tàn ní ẹsẹẹsẹ. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ kò ju pé bàbà inú wáyà kò gé lọ. Wáyà Ọbáńtokò yóò tan gbogbo iná rẹ̀. Kí oníṣẹ́ má ṣe fi ìyẹn gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bí ó bá di pé kí ẹ ra òmíràn

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá ẹ nílò rẹ̀. Fídíò ẹ̀kọ́ tí a yà ní àwòrán 25 tàbí 30 fún ìṣẹ́jú àáyá kan kò ní èrè kankan nínú 60 Hz, ó sì lè jẹ́ pé kí ẹ sọ kọ̀ǹpútà kalẹ̀ sí 1920 x 1080 ti tó, láìná kọ́bọ̀. Bí ẹ bá lè gbé kọ̀ǹpútà súnmọ́ ògiri, wáyà mítà méjì yóò ṣe é.

Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ rà, "4K" tàbí "2.0" tó wà lára páálí kò tó ẹ̀rí. Fún 4K ti ìgbà 60, "Premium High Speed" tàbí "Ultra High Speed" ni kí ẹ wá, pẹ̀lú àmì tí a lè fi fóònù yà láti mọ̀ bóyá ojúlówó ni. Bàbà lásán dára tó bí kò bá ju mítà márùn-ún lọ. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, irú èyí tó ní okùn gíláàsì nínú ni kí ẹ rà. Irú wáyà yìí ní orí àti ìdí: ibi tí a kọ "Source" sí máa ń wà lára kọ̀ǹpútà, ibi tí a kọ "Display" sí máa ń wà lára tẹlifíṣọ̀n, bí ẹ bá sì yí wọn padà, àwòrán kankan kò ní jáde. Ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ ní igun mímú, nítorí pé gíláàsì inú rẹ̀ á dá.

Ẹ tẹ́ wáyà tuntun náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú gbọ̀ngán, ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà àti tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ sì wò ó ní 3840 x 2160, 60 Hz, fún ìṣẹ́jú 30. Lẹ́yìn ìgbà náà ni kí ẹ tó fà á wọ inú àjà, kí ẹ sì tọ́jú ìwé ẹ̀rí ọjà títí yóò fi tún yege lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tó bá ti wà nínú àjà.