Lẹ́tà sí agbaṣẹ́ṣe tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá àdéhùn mu tán

Ẹ̀yin ará wa tó ń kọ́lé, bí agbaṣẹ́ṣe bá kan òrùlé tán, tí apá kan kò bá àdéhùn mu, ẹ má kàn kọ "iṣẹ́ yín kò dáa" sí i. Ẹ kọ́kọ́ kọ èyí tó ṣe bó ṣe yẹ: igi pé, ó sì fi oògùn ikán kùn ún. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá kọ ọ́ pé: "Páànù 0.55 mílímítà ló wà nínú àdéhùn, 0.45 ni a bá nígbà tí a wọ̀n ọ́n níṣojú yín." Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ yẹn. Kó pààrọ̀ páànù ni, àbí kó yọ owó ìyàtọ̀? Ẹ sọ ọ́, kí ẹ dá ọjọ́ fún un. Owó páànù nìkan ni kí ẹ dá dúró. Ẹ san ti igi.