Bí a ṣe ń ṣí sílíkọ́ònù gbígbẹ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ báàfù, àti awọ fẹ́lẹ́ tó máa ń ṣẹ́kù

Sílíkọ́ònù tuntun kì í lẹ̀ dáadáa mọ́ sílíkọ́ònù tó ti gbẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Ìkòròdú ti ń kùnà. Wọ́n á fi ọ̀bẹ fá èyí tó yọ síta, wọ́n á fún tuntun lé e lórí, wọ́n á fi ìka nù ún kó dán, onílé á sì sanwó. Kò ní pẹ́ tí etí rẹ̀ yóò ṣí, tí omi á bẹ̀rẹ̀ sí í gba abẹ́ rẹ̀ wọ inú ògiri.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà ní Ògólóńtò tí wọ́n ti pè mí síbẹ̀ nítorí omi tó ń kán sórí àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀. Báàfù tó ń dà á láàmú gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 5 àbọ̀, ìpele sílíkọ́ònù mẹ́ta ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, funfun lórí funfun. Mo fi èékánná gbé etí kan, mo fà á, ìpele òkè sì bọ́ láti igun kan dé igun kejì láìjá. Kò lẹ̀ mọ́ nǹkan kan. Báàfù yẹn ni màá fi ṣàlàyé.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n fi ṣe báàfù yín, torí pé ojú méjì ni ìsopọ̀ yìí ní: táìsì lókè, báàfù nísàlẹ̀. Ohun tí táìsì lè gbà, báàfù lè má gbà á. Ẹ mú òòfà, kódà èyí tó wà lẹ́yìn sípíkà tó ti bàjẹ́ á ṣe é, kí ẹ fi kan ara báàfù. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni, òde rẹ̀ sì le. Bí kò bá lẹ̀, tí ara báàfù kò sì tutù lọ́wọ́ bíi ti táìsì, báàfù oníke ni. Ti Ògólóńtò jẹ́ oníke. Abẹ kì í kan báàfù oníke, tínà kì í kàn án, asitóònù tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ náà kì í kàn án. Abẹ á fá a lójú, tínà àti asitóònù á sì jẹ dídán rẹ̀ títí ayé.

Ẹ fi àkísà dí ihò omi, kí ẹ tẹ́ páálí sínú báàfù kí irinṣẹ́ má baà jábọ́ lé e. Lẹ́yìn náà, ẹ gé sílíkọ́ònù náà lẹ́ẹ̀mejì, lókè níbi tó ti kan táìsì, àti nísàlẹ̀ níbi tó ti kan báàfù. Ti òkè rọrùn: ẹ tẹ́ ọ̀bẹ kọ́tà sílẹ̀ pẹrẹsẹ lára táìsì, kí ẹ máa tì í lọ. Ti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ike ni mo máa ń lò níbẹ̀, káàdì báńkì tó ti kú, tí mo gé etí rẹ̀ ní dídagun kó lè mú díẹ̀. Àwọn kan máa ń ra ìfá oníke lọ́jà. Ó dára, ṣùgbọ́n káàdì ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Nígbà tí ẹ bá ti gé méjèèjì, ẹ fi ẹ̀mú di orí rẹ̀ mú, kí ẹ ká a padà sórí ara rẹ̀, kí ẹ sì máa fà á díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá já a sókè lójijì, á já sí wẹ́wẹ́, iṣẹ́ á sì pọ̀ sí i. Èyí tó bá wà nínú àlàfo, ẹ fi wáyà tí ẹ ti tẹ orí rẹ̀ kọ́ gbé e jáde. Ẹ má tì í wọlé o.

Báyìí, ẹ ó wo ojú ibẹ̀, ẹ ó sì rò pé ó ti tán. Kò tíì tán. Awọ fẹ́lẹ́ kan ṣì wà lójú táìsì àti lójú báàfù, tí ojú kì í sábà rí, òun gan-an ló sì máa ń ba sílíkọ́ònù tuntun jẹ́. Ibi tí àwọn oníṣẹ́ máa ń sá fún nìyí, torí pé ó gba àsìkò ju gbogbo ìyókù lọ, onílé kò sì ní rí i pé wọn kò ṣe é.

Kí n kọ́kọ́ mú àwọn ohun tí kò ṣiṣẹ́ kúrò lọ́nà. Omi gbígbóná kì í yọ́ sílíkọ́ònù, ọṣẹ kì í yọ́ ọ, jíìkì náà kì í yọ́ ọ. Fínígà tún ń kọ́? Ọ̀pọ̀ ń dà á sí i torí pé sílíkọ́ònù tó ń gbẹ lọ́wọ́ máa ń rùn bíi fínígà, àmọ́ òórùn tó ń jáde nìyẹn, kì í ṣe oògùn rẹ̀. Kànrìnkànrìn onírin máa ń ha báàfù, á sì fi awọ náà sílẹ̀ nínú ojú ìlà tó bá ha.

Lójú táìsì dídán, abẹ fẹ́lẹ́ ni. Ẹ fi omi ọṣẹ rin ojú rẹ̀ kí abẹ lè máa yọ̀, ẹ tẹ́ abẹ sílẹ̀ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀, kí ẹ sì máa tì í síwájú nìkan. Bí ẹ bá ń fà á síwá sẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ á kú kíákíá, á sì máa ha ojú táìsì. Ẹ pààrọ̀ abẹ nígbà tí ẹnu rẹ̀ bá ti ń kú, kò wọ́n. Ìlà simẹ́ńtì funfun tó wà láàárín táìsì méjì kò ṣeé fá, torí sílíkọ́ònù ti wọ inú ihò wẹ́wẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ìṣó gbẹ́ ẹ tó mìlímítà 2, kí ẹ fi simẹ́ńtì funfun tuntun dí i, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó fún sílíkọ́ònù.

Lójú báàfù oníke, kẹrosíìnì ni mo ń lò. Kẹrosíìnì kì í yọ́ sílíkọ́ònù tó ti gbẹ, ńṣe ló máa ń wú u, á sì rọ̀, dídì tó di ojú ibẹ̀ mú á tú. Ẹ kọ́kọ́ kán díẹ̀ síbi tó pamọ́ lára báàfù, kí ẹ wò ó bóyá dídán ibẹ̀ yí padà. Bí kò bá yí, ẹ ká tíṣù gígùn tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ fi kẹrosíìnì rin ín kó tutù ṣùgbọ́n kó má kán, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí awọ náà wà, kí ẹ sì fi láílọ́ọ̀nù bò ó kí kẹrosíìnì má baà fẹ́ lọ. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó. Ẹ ṣí i, kí ẹ fi káàdì tì í, kí ẹ wá fi táwẹ̀lì gbígbẹ tó le díẹ̀ máa ra ojú ibẹ̀ dáadáa. Awọ náà á ká jọ, á máa bọ́ ní róbótó róbótó, bí ìdọ̀tí ara ṣe máa ń ká nígbà tí èèyàn bá fi kànrìnkànrìn ha ẹ̀yìn.

Ẹ má tẹ́ tíṣù yí gbogbo báàfù ká lẹ́ẹ̀kan náà. Bí kẹrosíìnì bá ti ń fẹ́ kúrò, sílíkọ́ònù á súnkì padà, á sì tún le bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìwọ̀n apá kan ni kí ẹ máa ṣe, kí ẹ parí rẹ̀, kí ẹ tó bọ́ sí òmíràn. Ní Ògólóńtò, ibi tí wọ́n máa ń gbé ọṣẹ lé ní igun gbà á ní ìgbà méjì kó tó mọ́, torí ibẹ̀ ni ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti nípọn jù.

Ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ sì ríi pé iná kankan kò sí nítòsí. Bí iná ìjọba bá lọ, tọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ tàn, kì í ṣe àbẹ́là. Kẹrosíìnì tó bá ń rùn bíi bẹntiróòlù, ẹ má gbé e wọ ilé ìwẹ̀. Wọ́n ti lú u. Bẹntiróòlù fúnra rẹ̀ máa ń wú sílíkọ́ònù kíákíá, mo sì mọ àwọn tó ń lò ó, ṣùgbọ́n yàrá tóóró tí kò ní atẹ́gùn kì í ṣe ibi tí à ń tú bẹntiróòlù sí.

Kẹrosíìnì máa ń fi ọ̀rá sílẹ̀, sílíkọ́ònù kò sì ní lẹ̀ mọ́ ọ̀rá. Nítorí náà, ẹ fi ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀ẹ́fun àti omi fọ ojú méjèèjì títí òórùn rẹ̀ á fi lọ, kí ẹ ṣan án, kí ẹ nù ún gbẹ.

Ìgbà yìí lẹ tó lè dán an wò. Ẹ fi ọwọ́ wọ́n omi sójú ibi tí sílíkọ́ònù wà tẹ́lẹ̀. Lójú táìsì tó mọ́, omi á tẹ́, á sì bo ojú ibẹ̀. Níbi tí awọ ṣì kù, omi á sá jọ, á dúró ní ẹ̀kán ẹ̀kán. Ti báàfù oníke ní ẹ̀tàn díẹ̀, torí pé ike fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ kí omi tẹ́ tó bíi ti táìsì. Ẹ wọ́n omi sí ibòmíràn lára báàfù náà, níbi tí sílíkọ́ònù kò dé rí, kí ẹ fi ibi méjèèjì wé ara wọn. Bí omi bá ṣe bákan náà níbi méjèèjì, ó ti mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka gbígbẹ wọ́ ọ lọ. Ibi tí ìka bá ti ń há díẹ̀ bí ẹni pé rọ́bà wà níbẹ̀, ẹ padà sí kẹrosíìnì.

Bí ìlà bá dúdú nínú àlàfo, ẹ fi jíìkì tí ẹ ti là pọ̀ mọ́ omi rin ín fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ ṣan án dáadáa. Ẹ má jẹ́ kó pàdé oògùn olómi kíkan tí wọ́n fi ń fọ ṣalángá òyìnbó, torí èéfín tó máa ń jáde níbẹ̀ ń pa ẹ̀dọ̀fóró lára. Kó má pàdé sípíríìtì náà.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kí ẹnikẹ́ni má wẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ká tíṣù gbígbẹ, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú àlàfo yí ká, kó sùn síbẹ̀. Lásìkò òjò, ó lè gbà ju òru kan lọ, torí afẹ́fẹ́ ọ̀sà kì í jẹ́ kí inú ògiri tètè gbẹ. Bí tíṣù bá gbẹ nígbà tí ẹ fà á jáde, ẹ fi sípíríìtì àti aṣọ funfun nu ojú méjèèjì, kí ẹ jẹ́ kó fẹ́ lọ, kí ẹ pọn omi kún báàfù kí àlàfo lè là dé ibi tí yóò là dé nígbà tí èèyàn bá wọ inú rẹ̀, kí ẹ wá fún sílíkọ́ònù tuntun kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó tún kan ibẹ̀. Bí ẹ bá pààrọ̀ tíṣù fún òru mélòó kan, tó ṣì ń tutù láìsí ẹni tó wẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé páìpù inú ògiri ló ń jò. Púlọ́ńbà ni kí ẹ pè nígbà yẹn, kí sílíkọ́ònù tuntun ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀.